Ẹ Má Jẹ́ Kí A Fọ́ Òkúta Gbígbẹ Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní kúárì l'Ábẹ́òkúta, n'Íbàdàn, l'Ákùrẹ́ àti n'Íkẹ̀rẹ́-Èkìtì, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi òòlù fọ́ òkúta lẹ́bàá títì, ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ni ẹ̀rọ, ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe àti ìjọba tí ẹ ń ra òkúta náà láti fi ṣe títì: ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín fún. Ẹ má jẹ́ kí a fọ́ òkúta gbígbẹ mọ́. Kí dírílì tó wọ inú àpáta, kí òkúta tó bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, kí òòlù tó balẹ̀, kí omi ti débẹ̀.

Ikú ló mú mi sọ ọ́ báyìí. Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní sílíkósíìsì. Eruku òkúta ló ń fà á, kò ní oògùn tó ń wò ó sàn, omi lásán sì lè dènà èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ká ní àìsàn tí kò ṣeé dènà ni, à bá gba kámú.

Sílíkà lorúkọ èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ ibi náà. Inú yanrìn ló wà, ó sì wà nínú òkúta tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Nínú gírànáìtì, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkúta àwọn òkè tó gba Ẹ̀fọ̀n-Alààyè àti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kọjá tún le ju ìyẹn lọ, nítorí pé sílíkà ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mábù tí wọ́n ń wà n'Ígbẹ́tì kò ní tó bẹ́ẹ̀. Bí sílíkà bá dákẹ́ sínú àpáta, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí a bá gbẹ́ ẹ, tí a fọ́ ọ, tí a lọ̀ ọ́, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ló burú jù nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń tan ara wọn jẹ nìyí. Eruku funfun tó bò yín lójú, tó lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú, tí ẹ ń fun jáde nímú nírọ̀lẹ́, kọ́ ló ń pa yín. Ìyẹn tóbi. Irun imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń mú un, ẹ sì ń tu ú dànù. Èyí tó ń pani kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà ní fífẹ̀. Irun orí kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po márùn-ún ó kéré tán. Kò ṣeé rí, kì í ta èèyàn lójú, kì í jẹ́ kí èèyàn sín. Ó máa ń léfòó nínú afẹ́fẹ́ fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ, ẹni tó bá jókòó jẹun lábẹ́ ibùbó ẹ̀rọ lọ́sàn-án ń fà á símú bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Bó bá dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, àwọn sójà ara a gbé e mì kí wọ́n lè pa á run. Ṣùgbọ́n òkúta ni, kì í ṣe kòkòrò. Kò ní jẹrà. Òun ló máa pa sójà tó gbé e mì, yóò tún jáde, òmíràn yóò tún gbé e mì, òun náà yóò sì kú. Gbogbo ibi tí ìjà yìí bá ti ṣẹlẹ̀ ni àpá líle máa ń hù sí. Àpá náà kò lè na, kò lè sún kì, afẹ́fẹ́ kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tó bá yá, àwọn àpá kéékèèké yóò so pọ̀ di ńlá. Ẹni tó bá tilẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò bọ́ pátápátá, nítorí eruku tó ti wọlé ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bó ṣe máa ń rí gan-an ni kí n sọ. Ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dírílì ní kúárì lọ́mọ ọdún méjìlélógún. Ara rẹ̀ le, ó lágbára, wọ́n ń sanwó fún un déédéé. Ọdún mẹ́wàá kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní ọdún kẹtàlá, ó ṣàkíyèsí pé òun kò lè gun òkè dé ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ àpáta láìdúró mí. Ó ní bóyá ọjọ́ orí ni. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní ọyẹ́ ni. Ó lọ ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ó mu àgbo, ó lo oògùn ibà. Ìgbà tó rù ni ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ikọ́ àti rírù, ọkàn rẹ̀ lọ sí ikọ́ ife, wọ́n sì fún un lóògùn ikọ́ ife fún oṣù mẹ́fà. Kò yé wú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó bi í pé, "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

Ìbéèrè yẹn ni ìdajì àyẹ̀wò. Ìdajì yòókù ni fọ́tò àyà, èyí tí a ń pè ní ẹkisiréè. Lára fọ́tò náà, dókítà tó mọ ohun tó ń wá yóò rí àwọn àmì róbótó kéékèèké tó pọ̀ ní apá òkè ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Bí a bá rí èyí lára ẹni tó ti fọ́ òkúta fún ọdún mẹ́wàá, tí àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò sì fi kòkòrò ikọ́ ife hàn, ó yẹ kí orúkọ sílíkósíìsì jáde lẹ́nu ẹnì kan. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ẹ wà nítòsí kúárì, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ iṣẹ́ aláìsàn sórí fáìlì kí ẹ tó kọ orúkọ oògùn. Ẹ má sì béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe lónìí nìkan. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà báyìí lè ti lo ọdún mẹ́jọ nídìí ẹ̀rọ ìfọ́kúta.

N kò sọ pé ikọ́ ife kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Àwọn méjèèjì mọ ara wọn dáadáa. Ẹ̀dọ̀fóró tí sílíkà ti pa sójà inú rẹ̀ kò lè bá kòkòrò ikọ́ ife jà mọ́. Ewu àtikó ikọ́ ife lára ẹni tó ní sílíkósíìsì ju ti ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó kéré tán, ó sì máa ń gbé e délé fún ìyàwó àti ọmọ. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ kúárì tó bá wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Kó sì sọ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Láti ọdún 1997 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fi eruku yìí kún ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ọdún mẹ́wàá sí ogún ni sílíkósíìsì máa ń gbà kó tó farahàn, bí eruku kò bá pọ̀ jù. Bí eruku bá pọ̀, ọdún márùn-ún tó. Bó bá pọ̀ kọjá àlà, oṣù díẹ̀ ti tó. Ní Amẹ́ríkà ní 1930 àti 1931, wọ́n gbẹ́ ihò omi kan gba abẹ́ òkè kọjá nítòsí ìlú Gauley Bridge, ní ìpínlẹ̀ West Virginia. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣí wá láti àwọn ìpínlẹ̀ apá gúúsù orílẹ̀-èdè náà láti wáṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà. Òkúta ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì sílíkà, wọ́n sì ń fi dírílì gbígbẹ gbẹ́ ẹ kí iṣẹ́ lè yá. Ìṣirò tí dókítà Martin Cherniack gbé jáde lẹ́yìn náà ni pé ó kéré tán, 764 òṣìṣẹ́ ló kú. Nígbà yẹn, dírílì tó ń da omi sẹ́nu ara rẹ̀ ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn ò kàn lò ó ni.

Ẹ wá tẹ̀lé mi dé ìdí ẹ̀rọ. Ọkọ̀ típà dé, ó yí òkúta ńláńlá dà sínú kòtò onírin lókè. Kùukùu àkọ́kọ́ gbéra nìyẹn. Òkúta yọ̀ wọ ẹnu ẹ̀rọ tó ń jẹ ẹ́ bí àgbọ̀n, ó fọ́ wùà, kùukùu kejì jáde láti òkè, ìkẹta láti ìsàlẹ̀. Bẹ́líìtì gbé e lọ sí ẹ̀rọ kékeré tó máa tún un fọ́, ibi tó ti já bọ́ láti orí bẹ́líìtì kan sórí èkejì tún rú eruku. Lẹ́yìn náà ló dé orí asẹ́ tó ń gbọ̀n rìrì, níbi tí wọ́n ti ń ya òkúta ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára wẹ́wẹ́ àti lára ìyẹ̀fun tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń rà. Ìdí asẹ́ yìí ló burú jù, nítorí òkúta ibẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú. Ẹ ó sì rí ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tó fi àyà ti asẹ́, tó ń fi irin gún òkúta tó há, tó fi aṣọ àlòkù di imú.

Gbogbo ibi tí mo kà sílẹ̀ yìí ni omi gbọ́dọ̀ dé. Kì í ṣe kí a da garawa omi lé òkúta lórí nígbà tí àlejò bá ń bọ̀. Páìpù ni, tó ní ẹnu kéékèèké tó ń fọ́n omi bí ìrì. Ọ̀kan dojú kọ kòtò típà, ọ̀kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ní gbogbo ibi tí bẹ́líìtì ti ń já òkúta sílẹ̀, àti ọ̀kan níbi tí òkúta ti ń bọ́ sórí asẹ́. Táǹkì, pọ́ǹpù kékeré, páìpù àti ẹnu ìfọ́nmi, kò sí nínú wọn tí a kò lè rà nílùú wa. Ní ti omi, ọ̀pọ̀ kúárì ní adágún nínú kòtò ara rẹ̀ tí òjò ti kún. Ibi tí kò bá ti sí, kànga ẹ̀rọ kan tó. Ẹni tó lówó láti ra ẹ̀rọ tó ń fọ́ àpáta kò lè sọ fún mi pé òun kò lówó páìpù.

Omi tó bá rin òkúta kí eruku tó gbéra ló dára jù. Bí eruku bá ti fò sókè, ìrì omi ṣì lè mú díẹ̀ nínú rẹ̀ walẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù máa ń sá gba àárín ìkán omi kọjá. Ìdí nìyí tí omi fi gbọ́dọ̀ wà níbi tí òkúta ti ń fọ́ gan-an, kó má jẹ́ ẹnu ọ̀nà àbájáde nìkan.

N óò sọ ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó ṣọ́. Omi tó bá pọ̀ jù ń sọ ìyẹ̀fun di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà yóò dí asẹ́, ọ̀gá iṣẹ́ yóò sì pàṣẹ kí wọ́n pa á. Wọ́n á ní wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Wọn ò dín omi náà kù ni. Ẹ̀ẹ̀kejì ni pé omi adágún máa ń dọ̀tí, ó ń dí ẹnu ìfọ́nmi, bí kò bá sí asẹ́ lẹ́nu pọ́ǹpù, ìwọ̀nba ọjọ́ ni gbogbo rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, èyí tó dùn mí jù, ni ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku pọ̀ jù, tí òkúta gbẹ jù, ìgbà náà ni omi ń wọ́n, tí wọ́n á sì máa fi èyí tó kù po kọnkéré. Kí onímọ̀ iná so swíìṣì omi pọ̀ mọ́ swíìṣì ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ má lè tan bí omi kò bá tíì máa ṣàn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àyè ṣe àwáwí.

Báwo lòṣìṣẹ́ ṣe lè mọ̀ pé omi náà ń ṣiṣẹ́? Lówùúrọ̀ kùtùkùtù tàbí nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá wà nísàlẹ̀, ẹ dúró kí ẹ̀rọ wà láàárín yín àti oòrùn. Eruku tí ojú kò rí lọ́sàn-án yóò máa tàn yanran nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà gbà láyè láti 2016 ni 0.05 mílígíráàmù sílíkà nínú afẹ́fẹ́ tó gba àyè mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Ìwọ̀n yẹn kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Nítorí náà, bí ẹ bá rí kùukùu lórí ẹ̀rọ, ẹ má dúró de ẹni tó máa fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n. Ó ti kọjá ààlà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti òyìnbó, Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti dán an wò. Ní 2010, èèmọ̀ wọ Zamfara. Àwọn awakùsà ń lọ òkúta tó ní góòlù nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo àti ọkà bàbà, láàárín ilé tí ọmọdé ń gbé. Òjé wà nínú òkúta náà, májèlé ni, ó sì pa ọmọdé tó lé ní irínwó. Gbogbo ayé gbọ́ nípa òjé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta kan náà kún fún sílíkà, àwọn ọkùnrin tó dúró ti ẹ̀rọ sì ń fa méjèèjì pọ̀ símú. Nígbà tó yá, àjọ àwọn dókítà tí gbogbo ayé mọ̀ sí MSF àti àjọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ OK International fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn awakùsà ládùúgbò kan ní Àríwá Nàìjíríà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n omi sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 ni pé òjé inú afẹ́fẹ́ fi 95% dínkù, eruku sílíkà sì fi 80% dínkù. Ilé iṣẹ́ ńlá kọ́ o. Àwọn awakùsà kéékèèké, lábúlé, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí owó wọn ká, ló ṣe é. Ẹ wá sọ fún mi, kí ló kù tí kúárì ńlá lè wí?

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi òòlù fọ́ òkúta ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ò ní pọ́ǹpù, ẹ ò sì ní ọ̀gá tí ẹ lè bi. Ẹ lè kó owó jọ nínú ẹgbẹ́ yín, kí ẹ ra ẹ̀rọ ìfọ́nmi tí àgbẹ̀ máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Kó jẹ́ tuntun ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi fọ́n oògùn kòkòrò tàbí oògùn koríko rí. Ẹnì kan lè máa fọ́n omi sórí òkìtì òkúta èèyàn márùn-ún bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ lọ. Bí ẹ bá rin òkúta láàárọ̀ nìkan, inú rẹ̀ ṣì gbẹ, ibi tó bá là ló ń rú eruku, torí náà fífọ́n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, kí ẹ jókòó kí ó máa fẹ́ eruku kúrò lójú yín. Kí ọmọ ẹ̀yìn má bá yín débẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ẹ lè fà á lé lọ́wọ́, kó jìnnà sí òkìtì náà, níhà ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Bí ẹ bá délé, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síta kí ẹ tó gbé ọmọ mọ́ra, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi. Ẹ má gbọ̀n ọ́n.

Gbígbọ̀n yẹn náà wọ́pọ̀ ní kúárì, wọ́n tilẹ̀ ń fi atẹ́gùn inú kọ́ńpíréṣọ̀ fẹ́ aṣọ ara nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ìyẹn ń sọ gbogbo eruku ọjọ́ kan di ohun tí èèyàn yóò fà símú láàárín ìṣẹ́jú kan. Gbígbálẹ̀ gbígbẹ náà bákan náà ni. Omi ni kí a fi wọ́n ilẹ̀ kí ìgbálẹ̀ tó kàn án.

Ìbòmú wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń nawọ́ sí, torí pé ó rọjú ju páìpù lọ. Aṣọ tí a fi di imú àti ìbòmú pẹlẹbẹ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò kò dá eruku yìí dúró, inú àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbà wọlé. Irú èyí tí wọ́n kọ N95 sí lára lè mú un, bó bá lẹ̀ mọ́ ojú pinpin, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní irùngbọ̀n, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti dọ̀tí. Nínú oòrùn wa, ta ló lè wọ̀ ọ́ fún wákàtí mẹ́jọ? Ẹ gbà á bí wọ́n bá fún yín, ẹ lò ó, pàápàá nídìí asẹ́ àti nígbà tí ẹ bá ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á dípò omi. Ìbòmú fi gbogbo ẹrù lé òṣìṣẹ́ lórí. Omi ló ń gbé e padà sórí ẹni tó ni ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ èlùbọ́, àgbàdo àti oúnjẹ adìyẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ tiyín jọ èyí, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀. Eruku oúnjẹ kì í sọ ẹ̀dọ̀fóró di àpá bíi ti sílíkà. Ikọ́ fée ló ń fà, ọkà tó hu olú sì burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí àyà bá ń há yín lọ́jọ́ iṣẹ́, tó sì tú sílẹ̀ bí ẹ bá sinmi ní ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìròyìn ayọ̀ ni ìyẹn, nítorí ẹni tó bá tètè kúrò nínú eruku náà lè gbádùn. A kò lè da omi sí èlùbọ́, nítorí náà ìdérí lórí ẹnu ẹ̀rọ, aṣọ gígùn lẹ́nu ibi tí ìyẹ̀fun ń gbà bọ́ sínú àpò, àti fèrèsé ọ̀kánkán ni kí ẹ bèèrè fún.

Mo padà sí òkúta. Àwọn kan yóò ní kò sí ohun tí tálákà lè fi ilé iṣẹ́ ńlá ṣe. Ẹ gbọ́ ti Thembekile Mankayi. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ góòlù ní South Africa láti 1979 títí di 1995. Nígbà tí sílíkósíìsì àti ikọ́ ife mú un, owó tí òfin fún un kò ju ránd 16,320 lọ, wọ́n sì ní òfin náà kò gbà á láyè láti pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ó pè wọ́n. Ilé ẹjọ́ kan dá a lẹ́bi, òmíràn náà dá a lẹ́bi, kò jáwọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ òfin ìlú wọn dá a láre. Kò gbọ́ ìdájọ́ náà. Ó ti kú ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí ni àwọn awakùsà yòókù gbà wọlé ní àgbájọ, ní 2018 ilé iṣẹ́ mẹ́fà sì gbà láti gbé ránd bílíọ̀nù márùn-ún kalẹ̀ fún àwọn tí eruku ti bà jẹ́ àti fún ìdílé àwọn tó ti kú. Ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i ní 2019.

Àwa náà ní òfin tiwa. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó jáde ní 2010 ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ìpalára ibi iṣẹ́. Ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa san 1% owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ àjọ NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù yín. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń san án, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí hàn yín. Ẹ tọ́jú ohun tí ẹ ó fi jẹ́rìí: ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé owó oṣù, orúkọ ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́, ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ ya fọ́tò àyà yín nígbà tí ẹ bá wọṣẹ́, kó sì máa tún un yà láti ọdún dé ọdún. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín lọ sílé. Lábẹ́ ibùsùn yín ló yẹ kó wà, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí ẹni tó ń tan ẹ̀rọ tó tẹ swíìṣì, kí ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ bi ọ̀gá iṣẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi dà?" Ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá lọ, nítorí ẹni tó bá dá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń lé. Bí ìdáhùn kò bá sí, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí àwọn tó ń bẹ kúárì wò ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ohun àlùmọ́nì, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin ọba àti baálẹ̀ tí kúárì wà lórí ilẹ̀ yín, ẹ má gba owó ilẹ̀ ọdún yìí kí ẹ tó rí i pé omi ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin gómìnà àti kọmíṣánnà fún iṣẹ́ òde, ọwọ́ yín ni okùn tó gùn jù wà, nítorí títì yín ló ń jẹ òkúta jù. Gbólóhùn kan péré nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ ti tó, pé a kò ní gba òkúta tí wọ́n fọ́ láìlo omi, kí ẹnjíníà yín sì lọ wo ẹ̀rọ náà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ kó tó fọwọ́ sí owó. Ẹ ti ń ní kí wọ́n wọn bí òkúta ṣe tóbi tó àti bó ṣe le tó kí ẹ tó gbà á. Ẹ fi omi kún un, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí títì àkọ́kọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ gbé jáde fún agbaṣẹ́ṣe.